Ọjà Ọṣẹ àti Òrí lórí Instagram

Ẹni tí ó bá lọ ra ọṣẹ dúdú ní ọjà yóò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, yóò gbọ́ òórùn rẹ̀, yóò sì bi ọlọ́jà léèrè ohun tí ó fi sè é. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2010 tí Instagram ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ènìyàn ti ń fi àwòrán han ara wọn níbẹ̀ lórí fóònù, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni ó ti sọ ojú ewé wọn di ìsọ̀. Ẹni tí ó ń ra ọṣẹ ní irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè tẹ̀ ẹ́ wò, kò sì lè gbọ́ òórùn rẹ̀; ojú nìkan ni ó fi ń nájà. Àwòrán ni ó dúró fún ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a kọ sí abẹ́ àwòrán ni ó dúró fún ẹnu ọlọ́jà, wákàtí tí a gbé e jáde ni ó sì dúró fún ọjọ́ ọjà. Bí àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ náà bá purọ́, awọ ara oníbàárà ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ń se ọṣẹ dúdú ní Ìbàdàn, tí ó sì ń ta òrí inú ike. Bí ó bá ya ọṣẹ rẹ̀ ní alẹ́ lábẹ́ iná gílóòbù, ohun gbogbo yóò pọ́n bí epo. Bí ó bá yà á ní ìta ní ọ̀sán gangan, òjìji dúdú yóò bo ìdajì rẹ̀. Ibi tí ó dára ni ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní òwúrọ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé ṣùgbọ́n tí oòrùn fúnra rẹ̀ kò ta sí. Kí ó kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ nu ojú kámẹ́rà, nítorí òróró ọwọ́ a máa sọ àwòrán di kùrukùru.

Síbẹ̀, kámẹ́rà fóònù ní àṣà kan tí ó yẹ kí ọlọ́ṣẹ mọ̀. Ó fẹ́ràn láti sọ ohun gbogbo di àwọ̀ àárín. Bí ọṣẹ dúdú bá kún ojú rẹ̀, yóò rò pé òkùnkùn ni, yóò fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ọṣẹ yóò sì dà bí eérú. Bí òrí bá kún ojú rẹ̀, yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, òrí yóò sì dà bí èyí tí ó dọ̀tí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí a bá fi ìka tẹ ọjà náà lórí gíláàsì, àwòrán oòrùn kékeré kan yóò yọ. Fún ọṣẹ, kí ó fa oòrùn náà sísàlẹ̀; fún òrí, kí ó tì í sókè, títí àwọ̀ tí ó wà lórí gíláàsì yóò fi bá èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ mu.

Ibi tí ẹ̀tàn pọ̀ sí jù ni àwòrán méjì tí a fi ń sọ pé, “Bí ara ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyí, bí ó ṣe rí báyìí nìyí.” Bí a bá ya ti àkọ́kọ́ ní alẹ́ lábẹ́ iná, tí a sì ya èkejì ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ojú kan náà yóò dà bí èyí tí ó mọ́ sí i, bí ẹni náà kò tilẹ̀ fi nǹkan kan para. Ọlọ́jà lè tan ara rẹ̀ báyìí láìmọ̀. Oògùn rẹ̀ kò le: kí ó fi ègé pépà funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ ojú tí ó ń yà, nígbà méjèèjì. Bí pépà náà bá pọ́n nínú ọ̀kan tí ó sì funfun nínú èkejì, ìmọ́lẹ̀ ni ó yàtọ̀, kí ó má ṣe gbé àwòrán náà jáde. Nítorí ìdí kan náà, kí ó má ṣe lo àwọ̀ àtọwọ́dá tí fóònù ń dà lé ojú ènìyàn.

Ní ti ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, Instagram gba lẹ́tà àti àlàfo 2,200, ṣùgbọ́n bí i 125 àkọ́kọ́ nìkan ni ó máa ń hàn. Ìyókù wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ “more” tí ọ̀pọ̀ kì í tẹ̀. Nítorí náà, kí ọlọ́jà má ṣe fi ìkíni bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ ọ́ báyìí: “Ọṣẹ dúdú, gíráàmù 200. Eérú èèpo kòkó àti àdín ni a fi sè é.” Kí iye owó tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó sọ ohun tí àwòrán kò lè sọ. Eérú mú kí ọṣẹ dúdú le lára, nítorí náà kí oníbàárà kọ́kọ́ fi díẹ̀ fọ inú apá, kí ó wò ó di ọjọ́ kejì. Bí ó bá ta á tàbí tí ó yún un, kí ó má ṣe fi kan ojú. Òrí máa ń yọ́ nínú ooru ọkọ̀. Bí ó bá dé bí omi, kò bàjẹ́, yóò tún dì ní ibi tútù. Gbólóhùn kan yìí lè gba ọlọ́jà lọ́wọ́ ẹ̀sùn pé ó fi epo lú òrí. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kọ ọ́ pé ọṣẹ rẹ̀ ń wo làpálàpá tàbí ìléròrò, nítorí ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti fi ọṣẹ pe oògùn. Òfin NAFDAC sì ni pé kí a forúkọ ohun ìpara àti ọṣẹ ara sílẹ̀ kí a tó polówó rẹ̀ tàbí tà á.

Ó ku wákàtí. Ojú ewé tí a bá ṣí fún òwò ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní Insights, tí ó ń fi wákàtí tí àwọn tí ń tẹ̀lé ojú ewé náà ń wà lórí rẹ̀ jù hàn. Bí ó bá fi agogo mẹ́sàn-án alẹ́ hàn, kí obìnrin Ìbàdàn yìí gbé ọjà rẹ̀ jáde ní agogo mẹ́jọ, bí ó bá lè jókòó dáhùn ìbéèrè. Ọjà tí kò sí ẹni tí yóò dá oníbàárà lóhùn kò yàtọ̀ sí ìsọ̀ tí a tì. Bí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, aago wọn bá ti Nàìjíríà mu láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù wọn, aago tiwọn fi wákàtí kan kéré sí tiwa.

Kí ó dán wákàtí méjì wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó máa pààrọ̀ wọn nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, kí owó oṣù tàbí ọdún àjọ̀dún má baà da ìṣirò rú. Kí ó ka iye ẹni tí ó béèrè ọjà àti iye ẹni tí ó rà, kì í ṣe iye ẹni tí ó yìn ín. Kí ó sì rántí pé láti ọdún 2016, Instagram kì í to àwòrán sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dé nìkan. Nítorí náà, wákàtí tí ó dára kò lè gba àwòrán burúkú là.

Oníbàárà fúnra rẹ̀ yóò fi ibi tí àṣìṣe wà hàn. Bí ó bá ń béèrè iye owó tàbí bí a ṣe ń lò ó, ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ni kò tó. Bí ó bá sọ pé ohun tí ó dé ọwọ́ òun kò jọ èyí tí òun rí, àwòrán ni ó purọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì béèrè ohunkóhun, kí ọlọ́jà kọ́kọ́ yẹ àwòrán wò, kí ó tó yẹ wákàtí wò.