Ta Ló Ṣẹ́ Kèké Náà? Bí A Ṣe Ń Yan Ẹni Tó Jẹ Ẹ̀bùn Orí Ayélujára Lójú Gbogbo Ènìyàn



Lọ́jọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2010, tíkẹ́ẹ̀tì Hot Lotto kan tí wọ́n rà ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà jẹ mílíọ̀nù 16.5 dọ́là. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwádìí fi lọ kó tó já sí ọwọ́ Eddie Tipton, olórí ètò ààbò kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ tó ń darí tẹ́tẹ́ náà. Ó ti dọ́gbọ́n sí ẹ̀rọ tó ń mú nọ́ńbà jáde, tó fi jẹ́ pé láwọn ọjọ́ kan nínú ọdún, òun lè fojú sun ohun tí yóò jáde. Lọ́dún 2017, ó gbà pé òun jẹ̀bi.

Bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹ̀rọ bá lè ṣe èyí, kí ni ká sọ nípa ẹni tó fẹ́ fún àwọn tó ń tẹ̀lé e lórí Íńsítágíráàmù ní fóònù kan? Fídíò ló máa ń fi hàn wá: kẹ̀kẹ́ orúkọ ń yí, ó dúró, orúkọ kan yọ. Ó lè ti yí i nígbà mẹ́wàá kó tó rí orúkọ tó wù ú. Fídíò kò lè sọ ìyẹn fún wa.

Ohun tí a ń wá ni nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè mọ̀ ṣáájú, àmọ́ tí gbogbo wa lè rí lẹ́yìn rẹ̀. Bítíkọ́ìnì ní irú rẹ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni búlọ́ọ̀kù tuntun ń wọlé, búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ló sì ní òǹtẹ̀ gígùn tirẹ̀ tí gbogbo ayé ń rí.

Àmọ́ orúkọ ni ká kọ́kọ́ tì pa. Ká ní ẹnìkan tó ń ta aṣọ ní Ìbàdàn fẹ́ pín ẹ̀bùn, tí èèyàn 214 sì forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí àkókò bá pé, yóò to orúkọ ìnagijẹ wọn (kì í ṣe nọ́ńbà fóònù wọn o) sínú fáìlì kan láti 1 dé 214, yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ènìyàn. Kí kálukú yẹ ipò tirẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àṣẹ yìí gba òǹtẹ̀ fáìlì náà:

```
sha256sum oruko.txt
```

Bí ẹ bá yí lẹ́tà kan péré padà nínú fáìlì, òǹtẹ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá. Yóò kéde òǹtẹ̀ yìí pẹ̀lú nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù tí a ó lò, èyí tí kò tíì wọlé, bóyá ti ọ̀la. Yóò tún sọ ìlànà ìṣirò, kò sì gbọdọ̀ yí i padà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ gan-an, ti oṣù Kìíní ọdún 2009, dán an wò. Ẹ̀kọ́ lásán la fi ń ṣe o, torí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Òǹtẹ̀ rẹ̀ rèé:

```
000000000019d6689c085ae165831e934ff763ae46a2a6c172b3f1b60a8ce26f
```

Òdo ló kún iwájú rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń lo ìparí. Ẹ mú mẹ́rin tó kẹ́yìn: e26f. Nínú òǹkà yìí, lẹ́tà a dúró fún 10, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí f fi jẹ́ 15. Nítorí náà, e26f jẹ́ 14 lọ́nà 4,096, 2 lọ́nà 256, 6 lọ́nà 16, àti 15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 57,967. Ẹ fi 214 pín in, yóò ṣẹ́ ku 187. Ẹ fi 1 kún un: ẹni 188 ló jẹ ẹ̀bùn. Ẹnikẹ́ni tó ní kálékulétọ̀ lè tún un ṣe nínú ilé rẹ̀.

Ẹ wá wò ó bí wọ́n bá yọ orúkọ kan ṣoṣo kúrò lẹ́yìn tí nọ́ńbà ti jáde. Ẹ fi 213 pín in, 31 ló ṣẹ́ kù, ẹni 32 ló wá jẹ. Ẹni tó bá lè yọ orúkọ lẹ́yìn tí nọ́ńbà jáde ló ń yan ẹni tó wù ú. Bí ẹni tó jẹ kò bá tóótun, a kì í yọ ọ́ ká tún un pín. Búlọ́ọ̀kù tó tẹ̀ lé e la ń lò, bí a bá ti kéde bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìṣirò mi ní àbùkù kékeré kan. Oríṣi 65,536 ni lẹ́tà mẹ́rin lè jẹ́, 214 kò sì pín in tán. Ẹni 52 àkọ́kọ́ ní ọ̀nà 307 láti jẹ, àwọn yòókù ní 306. Bí ẹ bá mú mẹ́jọ tó kẹ́yìn dípò mẹ́rin, ọ̀nà kálukú yóò lé ní mílíọ̀nù 20, ìyàtọ̀ ẹyọ kan náà kò sì ní jámọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹni tó ń wa Bítíkọ́ìnì lè da búlọ́ọ̀kù tí kò wù ú nù, àmọ́ owó iṣẹ́ rẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù náà yóò bá a lọ, ìyẹn Bítíkọ́ìnì mẹ́ta àti díẹ̀ láti oṣù Kẹrin ọdún 2024. Kò sẹ́ni tí yóò torí fóònù ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀bùn bá tóbi bí ilé ńlá, ẹ wá orísun mìíràn.

Ibì kan wà tí apá gbogbo èyí kò ká: ẹni tó fi orúkọ ayédèrú 50 wọlé ní ipò 50. Ẹni tó ń pín ẹ̀bùn ló ní láti yọ wọ́n kí ó tó ti fáìlì pa, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ló yan ẹni tó jẹ, ẹ bi í léèrè fáìlì náà, òǹtẹ̀ rẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù tó ti kéde ṣáájú. Bí kò bá ní wọn, ẹ má kópa.