Àlàfo Inú Ìwádìí: Bí A Ṣe Dí I Ni Kí Ẹ Kọ



Ẹ bi ìyá kan léèrè ọjọ́ tí ó bímọ, ó lè ní ìgbà ìkórè àgbàdo ni. Ẹni tí ń kọ ìdáhùn kò wá rí oṣù kankan kọ. Ìwádìí ìlera tí àjọ INSAE ṣe ní Bẹ̀nẹ̀ láàárín 2017 sí 2018 wà lára irú ìwádìí tí ń fi oṣù kan tó ṣeé ṣe dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń fi àmì kan, `b10`, sínú fáìlì, kí ẹni tó máa lò ó mọ̀ pé àfidípò ni.

Ṣùgbọ́n àfidípò kan ṣoṣo máa ń jọ òótọ́ jù. Ìdí nìyí tí onímọ̀ ìṣirò Donald Rubin fi ní ká dí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ká ní ìwúwo ọmọ kan ló sọnù, tí a sì dí i ní ogún ìgbà: ohun tí a mọ̀ nípa ọmọ náà là ń fi fojú dá ìwọ̀n tó sọnù, pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. A ó ṣírò ogún fáìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì pa àbájáde wọn pọ̀. Bí ogún ìdáhùn náà bá ṣe yàtọ̀ síra tó ni àìdánilójú tí àlàfo náà mú wá ṣe pọ̀ tó.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ní 2007, àwọn olùwádìí kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìṣirò ewu àrùn ọkàn tí wọ́n pè ní QRISK jáde nínú BMJ. Ìwọ̀n kan lára ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò sí fún bí àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Wọ́n dí i lọ́pọ̀ ìgbà, àbájáde sì fi hàn pé ọ̀rá kò kan àrùn ọkàn. Ìyẹn ya àwọn òǹkàwé lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n wo kìkì àwọn tí ìwọ̀n wọn pé, ìbáṣepọ̀ náà hàn gbangba. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà ìfidípò ṣe, ó tún hàn. Ní 2009, Sterne àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n yọ àrùn ọkàn fúnra rẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n fi fojú dá ọ̀rá. Bẹ́ẹ̀ sì ni àbájáde tí à ń wádìí gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí a fi ń fojú dá àlàfo.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ 600 ní Ìfọ̀nyìn ṣe àpẹẹrẹ, tí ìwúwo 90 nínú wọn sọnù. Kí abala ìlànà ìwádìí kà báyìí: «Ìwọ̀n ọmọ 90 kò sí, púpọ̀ nínú wọn ń gbé jìnnà sí ilé ìwòsàn. A gbà pé bí a bá ti mọ ibùgbé ọmọ, ọjọ́ orí ìyá àti àbájáde tí à ń wádìí, ìwọ̀n tó sọnù kò ní yàtọ̀ sí ìwọ̀n ọmọ tó jọ ọ́. Gbogbo wọn ni a fi sínú àwòṣe ìfidípò. A dí àlàfo ní ìgbà 20 pẹ̀lú `mice` nínú R, a sì fi òfin Rubin pa àbájáde pọ̀. Àbájáde ọmọ 510 tó pé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.»

Ohun tí a gbà yìí, dátà kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, ẹ yọ ìdajì kílò kúrò nínú gbogbo ìwọ̀n tí ẹ fi dípò, kí ẹ sì tún un ṣírò. Bí ìpinnu yín bá yí padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.