Nípa Agbo Mátíríìsì àti Àwọn Àìdíàlì Rẹ̀



Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ìdánwò kan wà tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú ìṣirò tí gbogbo wa kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n tí ó ń tan ni jẹ nígbà tí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mátíríìsì. Àwa yóò fi ibi tí ó ti kùnà hàn yín, a ó sì wádìí ohun tí ó fà á.

Gbogbo wa mọ̀ pé 3 lọ́nà 5 àti 5 lọ́nà 3 kò yàtọ̀. 15 ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun ni a lè yí ipò rẹ̀ padà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wọ bùbá kí ó tó gbé agbádá lé e múra dáradára. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ agbádá, tí ó sì wá wọ bùbá lé e lórí, di ẹni ẹ̀rín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí pẹ̀lú mátíríìsì, èyí tí Arthur Cayley, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé òfin ìṣirò rẹ̀ jáde ní ọdún 1858.

Mátíríìsì ni nọ́ńbà tí a tò ní ìlà ìbú àti ìlà òró. Méjì-méjì ni a ó lò lónìí. A ó kọ ìlà òkè ṣáájú, a ó sì fi àmì yà á kúrò lára ìlà ìsàlẹ̀. Láti sọ méjì di púpọ̀, a ó mú ìlà ìbú ti àkọ́kọ́, a ó fi bá ìlà òró ti èkejì lò: nọ́ńbà àkọ́kọ́ lọ́nà àkọ́kọ́, èkejì lọ́nà èkejì, a ó sì ro wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú E = [0 1; 0 0] àti F = [0 0; 1 0]. Bí a bá ṣírò EF, [1 0, 0 0] ni a ó rí, bí a bá ṣírò FE, [0 0, 0 1] ni. Wọn kò bára mu rárá.

Àkójọ ohun tí a lè rò pọ̀, tí a lè yọ kúrò lára ara wọn, tí a sì lè sọ di púpọ̀ láìjáde kúrò nínú rẹ̀, ni a ó máa pè ní agbo. Àìdíàlì sì ni apá kan nínú agbo tí ó ní ìwà méjì yìí: bí a bá ro ọmọ rẹ̀ méjì pọ̀ tàbí tí a yọ ọ̀kan lára èkejì, inú rẹ̀ ni a ṣì wà, bí a bá sì fi ọmọ agbo èyíkéyìí sọ ọmọ rẹ̀ di púpọ̀, inú rẹ̀ náà ni àbájáde yóò bọ́ sí. Nínú agbo odidi nọ́ńbà, gbogbo nọ́ńbà tí 6 pín láìṣẹ́kù jẹ́ àìdíàlì.

Níbi tí ipò kò ti já mọ́ nǹkan, kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá apá òsì ni a ti ń sọ di púpọ̀ tàbí apá ọ̀tún. Nínú agbo mátíríìsì, ìbéèrè náà di dandan. Ẹ wo àwọn mátíríìsì bí [a 0, c 0], tí ìlà òró kejì wọn jẹ́ òfo. Ohunkóhun tí a bá fi sọ wọ́n di púpọ̀ láti apá òsì, òfo náà dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá fi E sí apá ọ̀tún, [0 a, 0 c] ni yóò jáde, a sì ti bọ́ sóde. Àìdíàlì apá òsì nìkan ni èyí. Èyí tí ó bá lè gba tọ̀tún tòsì ni a ń pè ní àìdíàlì apá méjèèjì.

Ǹjẹ́ àìdíàlì apá méjèèjì mélòó ni ó wà nínú agbo mátíríìsì tí a fàyè gba ìdá bí 1/5 nínú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a mú A = [4 7; 5 2], kí a sì gbà pé ó wà nínú irú àìdíàlì bẹ́ẹ̀. EA gbé ìlà ìsàlẹ̀ lọ sókè: [5 2, 0 0]. Bí a bá fi [1 0, 0 0] sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó di [5 0, 0 0]. Bí a bá fi [1/5 0, 0 0] sọ èyí di púpọ̀, ó di [1 0, 0 0]. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní U. Nígbà náà FUE ni [0 0, 0 1]. Ẹ ro U àti FUE pọ̀: [1 0, 0 1] nìyí, èyí tí ó jẹ́ 1 láàrin àwọn mátíríìsì. Àìdíàlì tí ó bá sì ní 1 nínú ti gba gbogbo agbo. Mátíríìsì yòówù tí kì í ṣe òfo pátápátá, ọ̀nà kan náà ni a lè gbà, nítorí nọ́ńbà kan tí kì í ṣe òfo kò lè ṣàìsí nínú rẹ̀. Nítorí náà àìdíàlì apá méjèèjì méjì péré ni ó wà: òfo nìkan, àti gbogbo agbo.

Ibí yìí ni ìdánwò náà ti kùnà. Nínú agbo tí ipò kò já mọ́ nǹkan, tí ó sì ní 1, bí àìdíàlì bá jẹ́ méjì péré, gbogbo ọmọ agbo tí kì í ṣe òfo ni ó ní ẹnìkejì tí yóò sọ ọ́ di 1. Ṣùgbọ́n ẹ wo E: EE jẹ́ òfo! Bí E bá ní irú ẹnìkejì bẹ́ẹ̀, a ó fi sọ EE di púpọ̀, E tìkára rẹ̀ yóò sì di òfo, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó fà á? Nínú agbo ti àkọ́kọ́, àìdíàlì tí a bá a bí kò ní ju àwọn ax lọ. Bí 1 bá wà níbẹ̀, x kan ṣoṣo ni ó mú un wá, òun sì ni ẹnìkejì a. Nínú agbo mátíríìsì, àwọn xay ni a ń rò pọ̀. Ẹ rántí pé ẹyọ méjì, U àti FUE, ni a rò pọ̀ kí a tó rí 1. Àpapọ̀ ẹyọ méjì kò lè fún wa ní ẹnìkejì kan.

Bí a bá kọ ìdá, tí a sì gba odidi nọ́ńbà nìkan, 1/5 kò sí mọ́, iṣẹ́ náà yóò sì dúró ní [5 0, 0 0]. Níbẹ̀, àwọn àìdíàlì apá méjèèjì ni àwọn mátíríìsì tí nọ́ńbà kan, n, pín gbogbo nọ́ńbà inú wọn. Bí àpẹẹrẹ, [4 6, 10 8] bí gbogbo mátíríìsì tí nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ ti 2, nítorí 2 ni ó tóbi jù lọ nínú ohun tí ó pín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn àìdíàlì odidi nọ́ńbà ni a tún rí yìí, nínú aṣọ mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò, síbẹ̀, pé gbogbo agbo mátíríìsì rí báyìí. Ẹ mú kìkì àwọn bí [a b, 0 d]. Nínú wọn, àwọn [0 b, 0 0] jẹ́ àìdíàlì apá méjèèjì, wọn kì í sì í ṣe òfo tàbí gbogbo agbo. Ohun tí ó yí padà ni pé F kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ohun tí yóò gbé nọ́ńbà láti òkè padà sí ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá pàdé agbo tí àìdíàlì rẹ̀ jẹ́ méjì, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ipò já mọ́ nǹkan nínú rẹ̀, kí ó tó pín ohunkóhun níbẹ̀.