Ta Ni Màá Pè Lálẹ́ Sátidé?

Lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fún ilé iṣẹ́ la fẹ́ sọ.

Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀rọ píọ wọ́tà ní Ìsọlọ̀ ló gbé iṣẹ́ fídíò fún mi. Mo rán dírónù gba orí Òṣòdì kọjá, mo fi orin sí i. Mo wá ní kí bàbá kan tó ní ilé iṣẹ́ píọ wọ́tà bá mi wò ó. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní, "Ó dára o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tí irin tó ń lẹ ọ̀rá bá bàjẹ́ lálẹ́ Sátidé, ta ni màá pè?"

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ kan ń ṣe ọ̀rá omi 30 ní ìṣẹ́jú kan. Ní wákàtí kan, 1,800 nìyẹn. Ọ̀rá 20 ló ń wọ báàgì kan, torí náà báàgì 90 ni. Tí ẹ̀rọ bá dúró fún wákàtí 8, báàgì 720 ti lọ, àwọn kọ́sítọ́mà á sì ti wá ibòmíì lọ. Ohun tó dá a dúró sì lè má ju wáyà kékeré tó ń wọn ooru lọ. Tí ooru bá kéré, ọ̀rá ò ní lẹ̀, omi á máa jò. Tó bá pọ̀ jù, ọ̀rá á jó.

Mo tún fídíò náà ṣe. Mo ya ibi tí wọ́n ń kó páátì sí. Mo tún ya bí wọ́n ṣe ń dán ẹ̀rọ wò: ẹni tó fẹ́ rà á ló gbé ọ̀rá tirẹ̀ wá, torí ọ̀rá kan nípọn ju òmíì lọ, ooru tó bá ọ̀kan mu lè jó èkejì. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, ó ń mú ọ̀rá omi, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bóyá á jò, kó tó san owó tó kù.

Ilé iṣẹ́ Katapílà ti Amẹ́ríkà lókìkí nígbà kan fún ìlérí pé páátì á dé ọwọ́ oníbàárà láàárín wákàtí 48, níbi yòówù kó wà láyé. Ọ̀gá tó gbéṣẹ́ fún mi fẹ́ kọ wákàtí 24 fún gbogbo Èkó. Mo bi wọ́n pé mẹkáníìkì mélòó ni wọ́n ní. Méjì péré! Tí ẹ̀rọ mẹ́ta bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ọ̀kan ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní Àgbádárìgì ńkọ́? A wá kọ ọ́ pé: Òṣòdì, Ìsọlọ̀ àti Mùṣín, ọjọ́ kan náà; ibòmíì, ọjọ́ méjì. Wọ́n ní ó ti kéré jù. Àwa méjèèjì fà á díẹ̀ o.

Nígbà tí mo gbé fídíò kejì padà lọ bá bàbá, nọ́mbà mẹkáníìkì tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, níṣojú mi. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbé e. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ mú mi lọ wo ẹ̀rọ yẹn."