Bí A Ti Ńsọ Ìlà-Ìlà Di Ọ̀rọ̀ Geere

Ọ̀rọ̀ tí a ní láti bá yín sọ li alẹ́ òní kàn akọ̀wé ìjọ àti ẹnikẹ́ni mìíràn tí a máa nbẹ̀ pé kí ó kọ ìtàn tàbí ìròhìn kan, kí a lè kà á sókè níwájú ènìà. Àṣà kan ti wọlé tọ̀ wá wá. Kí òǹkọ̀wé tó ronú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó ti fi kóró dúdú sí etí ìwé, kóró kan fún ìlà kan. Ẹ̀rọ kọ̀mpútà sì nfi kóró wọ̀nyí tọrẹ fún un láìbéèrè. Ìwé náà a mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n nígbàtí a bá dìde láti kà á nínú ìjọ, etí kò rí kóró. Gbólóhùn kúkúrú kan ni etí gbọ́, lẹ́hìn èyí ìdákẹ́, lẹ́hìn èyí gbólóhùn kúkúrú mìíràn. Olùgbọ́ kò sì mọ̀ bí èyí tí ó dé ti bá èyí tí ó kọjá tan, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ti parí.

Li ọdún tí ó kọjá, akọ̀wé ìjọ kan mú ìwé kan tọ̀ wá wá. Nwọ́n fẹ́ ka ìtàn Bíṣọ́ọ̀pù Samuel Àjàyí Crowther fún àwọn ọ̀dọ́, ó sì ti tò ó báyi:

1821: a mú un lẹ́rú ní Òṣogùn.
1822: a gbà á kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, a mú un dé Sàró.
1825: a ṣe ìrìbọmi fún un.
1827: ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay.
1841: ó bá ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya.
1843: ó di àlùfáà, a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀.
1846: ó dé Abẹ́òkúta, ó rí ìyá rẹ̀.
1864: ó di Bíṣọ́ọ̀pù.
1891: ó kú.
Ìwà rẹ̀: olóòótọ́, onírẹ̀lẹ̀, aláápọn.
Iṣẹ́ rẹ̀: ìwàásù, ìtumọ̀, ìṣàkóso.

Ọdún kan kò ṣì nínú rẹ̀. Nígbàtí a sì bi í léèrè ìdí tí ó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó dáhùn pé, “Bàbá, kí nkankan má bàa sọnù ni mo ṣe tò ó.” Ìbẹ̀rù rere ni èyí, a kò sì fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìà ni ó ti sọ ìlà-ìlà di ọ̀rọ̀ geere tí ìdajì ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì jò dànù lójú ọ̀nà. Nítorínà ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni kíkà. Ìlà tí ó ní ọdún jẹ́ mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ inú wọn jẹ́ méjìlá, nítorí pé mẹ́ta nínú àwọn ìlà náà ru ẹrù méjì méjì. A kọ méjìlá sí ẹ̀hìn ìwé. Iye yìí ni a ó fi bèèrè lọ́wọ́ ara wa nígbàtí a bá kọ̀wé tán.

Akọ̀wé wa mú ìwé náà lọ sílé, ó sì padà wá li ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ti yọ kóró kúrò, ó sì ti fi “lẹ́hìn èyí” dípò wọn. A mú un lẹ́rú. Lẹ́hìn èyí a gbà á. Lẹ́hìn èyí a ṣe ìrìbọmi fún un. Ará, ìlà-ìlà náà ni èyí síbẹ̀, aṣọ rẹ̀ nìkan ni a pààrọ̀. Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà yìí ó sì ṣe ohun tí ó burú ju ti ìṣáájú lọ, bí ó tilẹ̀ dùn-ún gbọ́. Ó kọ pé nítorí tí a dá Àjàyí sílẹ̀ li óko ẹrú ni ó ṣe gba ìrìbọmi, àti pé nítorí tí ó gba ìrìbọmi ni ó ṣe wọ Fourah Bay. Níbo ni ó ti rí “nítorí” méjì yìí? Kò sí wọn nínú ìwé rẹ̀ ìṣáájú. Èyí ni ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jùlọ. Kóró kì í sọ pé nkan kan ni ó bí èkejì. Ó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ geere kò lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó nílò ọ̀rọ̀ ìsopọ̀, ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹ̀rí tuntun tí a nfi ẹnu ara wa jẹ́. “Nítorí” njẹ́rìí pé a mọ ìdí. “Ṣùgbọ́n” njẹ́rìí pé ohun kejì tako ìkíní. “Níbẹ̀” kò jẹ́rìí ju ibi kan náà lọ, “lẹ́hìn ọdún mẹ́ta” kò sì ju ìṣirò lọ. Àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo “nítorí” ní láti lọ wá ẹlẹ́rìí.

Ìgbà mìíràn ẹlẹ́rìí wà. Láàárín 1841 àti 1843, akọ̀wé wa rí ìlà méjì tí kò bá ara wọn tan. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ C.M.S. ni ó rán Àjàyí àti Àlùfáà Schön bá ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya, ìwé ìrìn-àjò àwọn méjèèjì sì wà ní títẹ̀. A sì mọ̀ pé ìròhìn rere tí Schön mú wá nípa rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ náà pè é wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti gba oyè. Níhìn-ín a lè so okùn náà láìbẹ̀rù.

Ohun mìíràn tí ìlà-ìlà nfi pamọ́ ni ìwúwo. Gbogbo kóró ni ó dọ́gba ní títóbi. “Ó rí ìyá rẹ̀” jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré li ìdí ìlà kan, bí ẹni pé ó pàdé rẹ̀ li ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ fi 1821 yọ kúrò nínú 1846: ọdún mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n ni ó kù. Òǹkà yìí wà nínú ìwé akọ̀wé láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rí i, nítorí pé ìlà márùn-ún ni ó dá ọdún méjèèjì lágbedeméjì.

Báyi ni a ṣe kọ ọ́ nígbẹ̀hìn:

“Ọmọdé ni Àjàyí nígbàtí àwọn akónilẹ́rú kó ìlú Òṣogùn li ọdún 1821, tí nwọ́n mú òun àti ìyá rẹ̀ lọ. A ya òun àti ìyá rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, a sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ inú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ṣùgbọ́n li ọdún 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á kúrò nínú rẹ̀, a sì mú un dé Sàró. Níbẹ̀ ni a ti ṣe ìrìbọmi fún un li ọdún 1825, níbẹ̀ náà, nígbàtí a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay, ni ó sì ti di ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ìṣáájú. Li ọdún 1841 C.M.S. rán òun àti Àlùfáà Schön bá ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya. Ìròhìn tí Schön mú wá nípa rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí a pè é sí Lọ́ńdọ̀nù; níbẹ̀ ni ó ti di àlùfáà li ọdún 1843, ọdún kan náà tí a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀. Li ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́hìn nkan bí ọdún mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n tí nwọ́n ti pínyà. Ó di Bíṣọ́ọ̀pù li ọdún 1864, ó sì kú ní Èkó li ọjọ́ tí ó kẹ́hìn ọdún 1891.”

Ẹ kíyèsí i pé gbólóhùn kan kò ru ju ọdún méjì lọ. Nígbàtí a kọ́kọ́ kọ ọ́, láti Odò Ọya títí dé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, èémí ẹni tí ó kà á sì tán kí ó tó dé òpin. A gé e sí méjì. Ẹni tí ó bá nsá fún kóró lè sá bọ́ sínú gbólóhùn tí kò ní ibi ìsinmi. Sókè ni kí a kà á láti mọ̀.

Ó ku ìlà méjì tí ó ní mẹ́ta mẹ́ta. Kí a jẹ́wọ́: àwa àlùfáà ni a kọ́ ìjọ ní èyí. Ní kọ́lẹ́jì a kọ́ wa pé ìwàásù ní orí mẹ́ta, láti ìgbà náà wá a kì í rí ohun méjì láìwá ẹ̀kẹta rẹ̀ kún un. A bi akọ̀wé wa pé kí ni ó mọ̀ tí ó fi pe Bíṣọ́ọ̀pù náà ní aláápọn. Ó ní ìwé ọ̀rọ̀ náà àti ìtumọ̀ Bíbélì. Ó dára, iṣẹ́ náà ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀, a kò nílò orúkọ náà mọ́. Onírẹ̀lẹ̀ nkọ́? Ó rántí pé kò wu Crowther láti gba oyè Bíṣọ́ọ̀pù, Henry Venn, akọ̀wé C.M.S., ni ó rọ̀ ọ́ títí. A fi èyí sí iwájú ọdún 1864, a sì yọ “onírẹ̀lẹ̀” kúrò. Nígbàtí a dé orí “olóòótọ́,” ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, kí ó lè pé mẹ́ta ni.” A yọ ọ́. Kì íṣe pé a sọ pé irọ́ ni. A kàn rí i pé kò sí ohun tí ó sọ fún olùgbọ́.

Ti iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé níbẹ̀ mẹ́ta kò fi kún ọ̀rọ̀, ó gé e kúrò ni. Crowther ti jẹ́ olùkọ́ ní Sàró kí ó tó gba oyè. Akọ̀wé mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àyè ti kún. Yàtọ̀ sí èyí, ìwàásù àti ìtumọ̀ kì íṣe iṣẹ́ méjì tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Li oṣù kìíní ọdún 1844 ó ṣe ìsìn li èdè Yorùbá ní Sàró, kò sì lè ṣe é láìtúmọ̀ Ìwé Mímọ́ tí yíò kà. A kọ ọ́ pé olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́, pé ìwàásù li èdè Yorùbá ni ó mú ìtumọ̀ wọlé, àti pé ìṣàkóso bá oyè 1864 dé. Mẹ́rin ni báyi, nwọ́n sì ní bí nwọ́n ti tan mọ́ ara wọn.

Nígbàtí a parí, a fún alàgbà kan tí kò rí ìwé ìṣáájú rí, a ní kí ó ka ọ̀rọ̀ geere náà kí ó sì tún un tò ní ìlà-ìlà fún wa. Gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ méjìlá ni ó rí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ péré ni ó kọ sílẹ̀ dípò mẹ́sàn-án. Ẹ padà wo Fourah Bay: “nígbàtí a ṣí ilé-ẹ̀kọ́” ni a kọ; ó dùn, ó sì gbé ọdún 1827 mì. Àwa tí a kọ ọ́ kò rí i, nítorí pé ọdún náà ti wà li orí wa. A dá a padà sí àyè rẹ̀.

Kì íṣe gbogbo ìlà ni kí a tú. Iye orin ìsìn, orúkọ àwọn tí a nkéde ìgbéyàwó wọn, ìwé owó ìkórè: ẹni tí ó mú wọn lọ́wọ́ nwá ìlà kan ṣoṣo ni, kì íṣe pé ó fẹ́ gbọ́ ìtàn. Akọ̀wé wa fúnra rẹ̀ kò fa ìwé rẹ̀ ìṣáájú ya. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀hìn ìwé ìròhìn ìjọ, pẹ̀lú iye méjìlá tí a kọ sí ẹ̀hìn rẹ̀, nítorí ẹni tí yíò tún ìtàn náà kọ li ọdún mìíràn.