Ohun Tí Fọ́tò Kò Lè Sọ

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí fídíò tí àwọn ọmọ máa ń ṣe fún bàbá àti ìyá wọn nígbà àjọ̀dún ìgbéyàwó, èyí tí wọ́n ń gbé sára ògiri gbọ̀ngàn kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í wọ èèyàn lára, bẹ́ẹ̀ sì ni fọ́tò inú wọn dára. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń ka ohun tí gbogbo ojú ti rí: "Ìyá wa rèé, bàbá wa rèé, ẹ wo bí wọ́n ṣe rẹwà tó." Iṣẹ́ ohùn ni láti sọ ohun tí fọ́tò kò lè sọ.

Ká mú tọkọtaya kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ṣègbéyàwó ní 1975. Tísà ni bàbá, ìyá ń ta aṣọ ní Gbági. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kó àwọn fọ́tò náà sórí tábìlì, kí ẹ sì yí wọn wò lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ni òǹtẹ̀ sítúdíò máa ń wà, tàbí ọjọ́ tí wọ́n yà á, tàbí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi bírò kọ. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì títì, tó bọ́ sápá ọ̀tún. Fọ́tò tí ọkọ̀ inú rẹ̀ ń gba apá òsì ti wà kí àwọn méjèèjì tó fẹ́ra, àyàfi tí wọ́n bá tẹ fọ́tò náà lódì. Lẹ́tà ara pátákó ìtajà ló máa tú u fó. Èyí tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má ṣe ṣí i o, yóò ya. Ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ fi fóònù yà á láìtan iná.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá pín ìwé sí méjì: ohun tí ojú ń rí lápá kan, ohun tí etí ń gbọ́ lápá kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́fà tó fún gbogbo fídíò náà. Fọ́tò ẹnì kan lè dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ti èrò púpọ̀ nílò bíi mẹ́jọ, torí ojú ń wá ẹni tó mọ̀ kiri.

Ẹ jẹ́ ká wo fọ́tò kan ti 1984: ìyá àti ọmọ mẹ́ta níwájú ilé. Ohun tí mo máa kọ sápá ohùn nìyí: "Bàbá kò sí nínú fọ́tò yìí. Ṣakí ni wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń wọkọ̀ wálé, ìyá kì í sì í tilẹ̀kùn kí wọ́n tó dé." Ó tán síbẹ̀. Kí ohùn dákẹ́, kí fọ́tò máa sún mọ́ ojú ìyá díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe fi "ẹ ò rí ìfẹ́" kún un. Àwọn tó jókòó ti rí i.

Ní ti orin, ẹ má ṣe fi orin tó ní ọ̀rọ̀ sábẹ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Gángan pàápàá ń fọhùn. Àgbàlagbà tó gbọ́ ìlù yóò fi ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, yóò máa gbọ́ tìlù. Gìtá jẹ́jẹ́ ló dára jù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ orin Ebenezer Obey ni wọ́n ń jó nígbà èwe wọn, ẹ tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí ohùn bá parí. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé fídíò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ gba àṣẹ ẹni tó ni orin, kí wọ́n má baà pa ohùn rẹ̀.

Bí fídíò bá ti kọjá ìdajì, kí ọ̀rọ̀ máa kúrú sí i, kí fọ́tò máa pẹ́ sí i. Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn kò nílò ọ̀rọ̀ ọmọ kankan. Ohùn ìyá fúnra wọn ni kí a gbọ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ nípa fọ́tò ìgbéyàwó náà, kí orin wá gbà á lẹ́nu wọn. Bí ọmọ kan bá ti kú nínú ilé náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí kí ẹ tó fi fọ́tò rẹ̀ sí i. Èèyàn kì í fi irú èyí dẹ́rù bani níwájú èrò.

Nítorí pé ohùn ìyá ni yóò parí fídíò náà, ẹ má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ àríyá kí ẹ tó gbà á sílẹ̀. Ẹ pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ẹnu wọn, ẹ fi fọ́tò lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì bi wọ́n pé: "Ta ló ya èyí? Aṣọ ta lẹ wọ̀? Ta ni ẹni tó dúró lẹ́yìn yẹn?" Orúkọ tí wọ́n bá dá, ẹ fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà lójú ẹsẹ̀.