Ẹ Bo Ojú Kan, Kí Ẹ Wo Èkejì: Ọ̀rọ̀ Tí Òṣìṣẹ́ Ìlera Bá Àwọn Òbí Sọ Ní Ọjà

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, àwa ẹ̀ka ọ̀dọ́ pe òṣìṣẹ́ ìlera kan kí wọ́n wá bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ kí ilé-ìwé tó wọlé. Mo gba ohùn wọn sórí fóònù. Ohun tí wọ́n sọ nìyí.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ọjà o. Ajé á wọ igbá. Mi ò ní pẹ́, mo mọ̀ pé oníbàárà ń dúró.

Ìyá kan gbé ọmọ jòjòló wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ wa. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún, tẹ̀ lé e wá, ó ń sá kiri. Mo pè é, mo fi ọwọ́ bo ojú òsì rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo bo ti ọ̀tún, ọmọ bá fárígá, ó ń ti ọwọ́ mi dànù. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì, ó lágídí ni." Mo ní rárá o, ojú kan ṣoṣo tó fi ń ríran ni mo bò yẹn.

Ọmọ yẹn ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Bó ṣe ń ríran láti kékeré nìyẹn, ó rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ríran náà nìyẹn. Ojú tó dáa ló ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Ẹ gbọ́ ohun tó burú níbẹ̀: bí ojú kan bá ń gbé àwòrán tó ṣú lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ á pa á tì, ti ojú kejì nìkan ni yóò máa gbà. Ojú náà lè má ní egbò kankan, àmọ́ ọpọlọ ò ní kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Ìgbà tí ọmọ ṣì kéré, pàápàá kó tó pé ọdún méje, ni àtúnṣe rẹ̀ rọrùn jù.

Dókítà ojú fún ọmọ yẹn ní gíláàsì, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi plásítà bo ojú tó dáa fún wákàtí méjì lójúmọ́, kí èyí tó ń sùn lè jí ṣiṣẹ́. Ọmọ sunkún, ìyá rẹ̀ fẹ́ jáwọ́, a bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú yẹn ti ń ka nọ́ńbà ara ògiri. A wá ní kó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Àìsàn kan náà ni. Òun náà gba gíláàsì, ṣùgbọ́n ojú yẹn ò padà bọ̀ sípò tán. Ilé kan náà, ìyá kan náà. Ìgbà tí a rí i ló yàtọ̀.

Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nílé nìyí. Ẹ fi báírò dúdú ya lẹ́tà E sórí páálí funfun, kó ga tó mílímítà 9, ìyẹn ni pé kò ní pé sẹ̀ǹtímítà kan lára téèpù aránṣọ. Kí ìlà mẹ́ta tó ṣe ẹnu rẹ̀ àti àlàfo àárín wọn nípọn bákan náà. Ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, téèpù aránṣọ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Kí ọmọ dúró síbẹ̀ níta, lójú mọmọ, lábẹ́ ibòji. Ẹ kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ nítòsí kó máa fi ọwọ́ tọ́ka síbi tí ẹnu E kọjú sí. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan. Ẹ má fi ìka bò ó, yóò yọjú láàárín rẹ̀, ẹ má sì tẹ ojú náà. Ẹ yí páálí náà lẹ́ẹ̀marùn-ún: sókè, sílẹ̀, ọ̀tún, òsì, bó bá ṣe wù yín. Bí kò bá gba mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹ mú un wá. Lẹ́yìn náà, ẹ bo ojú kejì. Bí ẹ bá dán an wò pẹ̀lú ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ọmọ tó kéré jù fún E, ẹ bo ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ṣe, kí ẹ wo èyí tí kò fẹ́ kí ẹ bò. Bí ó bá sì yege, kò túmọ̀ sí pé gbogbo ojú ló péye. Bí ojú kan bá ń wo ibòmíràn, tàbí tí orí ń fọ́ ọ tó bá ń kàwé, ẹ ṣì mú un wá. Bí ẹ bá rí funfun láàárín dúdú ojú, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà mìíràn, torí ó lè jẹ́ kókó tó ń pa ọmọ.

Ìyá àgbà kan bèèrè bóyá gíláàsì kì í mú ojú ọmọ kú sí i. Wọ́n dáhùn pé: "Rárá, Mààmí. Àìwọ̀ ọ́ ló ń jẹ́ kí ojú tó ń sùn sùn lọ."

Àwa ọ̀dọ́ ti ya páálí E sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí wọ́n sọ. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ ọjà.